Ariwo inú àwòrán: bí a ṣe ń dá a mọ̀ àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n lára ògiri pẹrẹsẹ

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn oníbàárà máa ń bi wá ní Yaba ni mo kó jọ síbí. Iṣẹ́ wa ni kí a tún àwòrán kámẹ́rà ìṣọ́ ṣe títí yóò fi ṣeé wò. Àpẹẹrẹ kan ni mo máa lò jálẹ̀: àwòrán tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù léèsì kan ní Ìdúmọ̀tà yà lóru. Kámẹ́rà àtijọ́ ni, irú èyí tó ń gba wáyà gígùn, ẹ̀gbẹ́ wáyà jẹnẹrétọ̀ gan-an ni wọ́n sì gbé wáyà rẹ̀ gbà. A gba àwòrán náà tààrà lẹ́nu wáyà kí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fídíò tó fún un pọ̀, a sì fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi PNG, irú fáìlì tí kì í ju ohunkóhun nù nínú àwòrán. Mo ti sọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ di èyí tó rọrùn láti fi ṣírò.

Kí ni ẹ ń pè ní ariwo nínú àwòrán?

Àwòrán aláwọ̀ eérú lórí kọ̀ǹpútà kò ju nọ́ńbà lọ. Ó pín sí àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní píkísẹ́lì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iye kan, láti 0 tó dúdú pátápátá dé 255 tó funfun láúláú. Ariwo ni ohun tí ẹ̀rọ fi kún iye yẹn tàbí tó yọ kúrò nínú rẹ̀, tí kò sí lára ohun tí a yà. Bí ògiri kan bá yẹ kó jẹ́ 92 níbi gbogbo, tí píkísẹ́lì kan wá jẹ́ 97, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 85, márùn-ún tó lé yẹn àti méje tó dín yẹn ni ariwo. Àwòrán tó rí bàìbàì nítorí pé kámẹ́rà mì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kò sí nínú ohun tí mo ń sọ níbí.

Oríṣi ariwo wo ni mo gbọ́dọ̀ dá mọ̀?

Mẹ́ta ló tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ ó fi ìrísí hisitogíráàmù dá wọn mọ̀, ìyẹn àtẹ òpó tó ń sọ iye píkísẹ́lì tó jẹ́ 0, iye tó jẹ́ 1, títí dé 255.

Àkọ́kọ́ ni ariwo Gáúsì, tí wọ́n fi sọrí Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì. Hisitogíráàmù rẹ̀ ga láàárín, ó sì ń rọra ṣẹ́ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí òkìtì. Nọ́ńbà méjì ló gbé e ró: ìpíndọ́gba, tó ń sọ ibi tí òkìtì náà jókòó sí, àti sígímà, tó ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó. Bíi 68 nínú 100 píkísẹ́lì máa ń wà láàárín sígímà kan sí ìpíndọ́gba, bíi 95 sì máa ń wà láàárín sígímà méjì. Inú iná mànàmáná kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Lóru, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, kámẹ́rà á gbé àmì tó rí gbà ga sókè, á sì gbé ariwo tó wà nínú rẹ̀ ga pẹ̀lú.

Èkejì ni ariwo dọ́gbadọ́gba. Gbogbo iye láti a dé b ló ní àǹfààní kan náà, nítorí náà orí hisitogíráàmù rẹ̀ tẹ́ bí orí tábìlì, etí rẹ̀ méjèèjì sì já wálẹ̀ lójijì. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ni (a + b)/2, fáríáńsì rẹ̀, ìyẹn sígímà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ni (b − a)²/12.

Ẹ̀kẹta ni ariwo òjijì. Kì í fi díẹ̀ kún píkísẹ́lì bí àwọn méjì ìṣáájú. Ńṣe ló ń pa iye rẹ̀ rẹ́ pátápátá, tó ń sọ ọ́ di 0 tàbí 255. Píkísẹ́lì tí kò bá bà kò ní kí ló ṣe é rárá. Nọ́ńbà méjì tó ń júwe rẹ̀ ni ìdá píkísẹ́lì tó di dúdú àti ìdá èyí tó di funfun. Iná tó ń tàn tó ń kú, ojú ìsopọ̀ wáyà tí kò dì mọ́ra, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń ta ìpáǹpá sí wáyà kámẹ́rà lè fà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibi pẹrẹsẹ la ti ń wọ̀n ọ́n?

Torí pé a kò mọ ohun tí àwòrán náà ì bá jẹ́ ká ní ariwo kò sí. Lára aṣọ léèsì, bí píkísẹ́lì kan bá jẹ́ 140 tí ìkejì rẹ̀ jẹ́ 90, a kò lè sọ bóyá ariwo ni tàbí ihò iṣẹ́ ọnà aṣọ náà. Ṣùgbọ́n lára ògiri tí a kun ní ọ̀dà kan ṣoṣo, tí iná kan náà ń tàn sí, iye òtítọ́ kan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ tí a bá wá rí, ti ariwo ni. Ìyẹn ni pé hisitogíráàmù ègé ògiri yẹn ni hisitogíráàmù ariwo fúnra rẹ̀, tí a kàn sún síwájú dé ibi tí àwọ̀ ògiri wà.

Nínú àwòrán Èkó, ibo ni ibi pẹrẹsẹ wà gan-an?

Ògiri inú ilé tí wọ́n fi ọ̀dà tí kì í dán kùn ló dára jù. Ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù kò dára, nítorí àwọn ìlà rẹ̀ tó wọnú tó yọ síta máa dà bí ariwo fún kọ̀ǹpútà. Ara dánfó ṣeé lò bí ẹ bá gé e láàárín ìlà dúdú méjì, tí ọ̀dà rẹ̀ kò bá tíì bó. Ojú ọ̀run lókè ọ̀sà, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti yà lórí Afárá Kẹta, ń tan ni jẹ: ó dà bíi pé ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ibi tí òòrùn wà. Ẹ máa rí ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ níwájú.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni pé kí ègé náà má funfun jù, kó má sì dúdú jù. Bí ògiri bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 250, tí sígímà jẹ́ 8, gbogbo píkísẹ́lì tí ariwo fẹ́ tì kọjá 255 máa wọ́ jọ sórí 255. Sígímà tí ẹ bá ṣírò á kéré ju òtítọ́ lọ, ẹ ó sì rò pé ariwo òjijì funfun wà níbi tí kò sí. Ẹ jẹ́ kí ìpíndọ́gba jìnnà sí 0 àti 255, ó kéré tán sígímà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká rí ìṣirò rẹ̀. Kí lẹ ṣe sí àwòrán Ìdúmọ̀tà yẹn?

Lẹ́yìn àwọn ìdì léèsì, ògiri kan wà tó ní àwọ̀ eérú díẹ̀. Mo gé ibì kan lára rẹ̀ tí kò sí ìṣó, tí kò sí kàlẹ́ńdà, tí òjìji kankan kò sì bọ́ sí: òró 40, ìbú 50, ìyẹn 2000 píkísẹ́lì.

Kí n tó ṣe ìṣirò kankan, mo kọ́kọ́ ya hisitogíráàmù rẹ̀. Òkìtì kan jókòó sí itòsí 92, ó ń ṣẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì kọjá nǹkan bíi 65 àti 120. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan títí dé òpìn. Ní 0, òpó tín-ín-rín kan dá dúró. Ní 255, òmíràn tó ga jù ú lọ. Ìrísí yẹn ti parí ẹjọ́: ariwo méjì ló wà pọ̀, Gáúsì àti òjijì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á sáré lọ ṣírò. Èmi kì í fo ó, torí pé ìpíndọ́gba àti sígímà nìkan kò lè sọ fún yín pé oríṣi ariwo méjì ló dà pọ̀, ojú yín ló máa rí i.

Ìwé àṣẹ tí mo fi ṣe é kò gùn:

```python
import cv2
import numpy as np

img = cv2.imread("ogiri.png", cv2.IMREAD_GRAYSCALE)
p = img[210:250, 310:360].astype(float).ravel()

pepper = np.mean(p == 0)
salt = np.mean(p == 255)

q = p[(p > 0) & (p < 255)]
m, s = q.mean(), q.std(ddof=1)
k = np.mean(((q - m) / s) ** 4)
print(pepper, salt, m, s, k)
```

Píkísẹ́lì 30 ló jẹ́ 0, nítorí náà ìdá dúdú, tí ìwé àṣẹ pè ní `pepper`, jẹ́ 30/2000, ìyẹn 0.015. Píkísẹ́lì 45 ló jẹ́ 255, ìdá funfun, ìyẹn `salt`, jẹ́ 0.0225. A yọ 75 yẹn sọ́tọ̀, ó ku 1925. Lára 1925 yìí ni a ti wá ṣírò ìpíndọ́gba, ó jẹ́ 92, àti sígímà, ó jẹ́ 8. Nọ́ńbà mẹ́rin yìí ni gbogbo ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ariwo ògiri náà.

Pé funfun ju dúdú lọ kò yani lẹ́nu. Ìdí kankan kò sí tí méjèèjì fi gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí náà ẹ wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣé n kò lè kàn ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò sígímà gbogbo ègé náà lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ lè ní kó ṣe é, yóò sì fún yín ní nọ́ńbà. Ẹ wo irú nọ́ńbà tó máa jẹ́. Bí a bá fi àwọn 75 yẹn sílẹ̀ sínú ìṣirò, ìpíndọ́gba á kúrò ní 92, á di nǹkan bíi 94.3. Ìyẹn kò tíì burú. Sígímà ló bàjẹ́: á kúrò ní 8, á di nǹkan bíi 28. Píkísẹ́lì tí kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀, nítorí pé fáríáńsì máa ń sọ jíjìnnà píkísẹ́lì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Èyí tó jìnnà sí ìpíndọ́gba ní 163 yóò mú 26,569 wọnú ìṣirò, nígbà tí èyí tó jìnnà ní 8 mú 64 péré wọlé.

Ẹni tó bá wá fi 28 yẹn ṣe òdiwọ̀n asẹ́, ìyẹn ìṣirò tó ń fọ ariwo kúrò, máa fọ ojú ọ̀daràn inú àwòrán mọ́ tónítóní, títí imú àti ẹnu yóò fi di ọ̀kan.

Bí ariwo òjijì kò bá bọ́ sí 0 àti 255 gan-an ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nínú fídíò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fi 16 ṣe dúdú, tó ń fi 235 ṣe funfun. Bí ẹ̀rọ tó ṣí fídíò náà kò bá na iye wọ̀nyẹn padà sí 0 àti 255, ẹ ó rí òpó méjèèjì ní 16 àti 235. Ẹni tó bá ń ka 0 àti 255 nìkan á sọ pé kò sí ariwo òjijì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo hisitogíráàmù.

Ìgbà mìíràn, píkísẹ́lì tó bàjẹ́ lè bọ́ sí iye èyíkéyìí. Níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá iye àárín ègé náà, ìyẹn iye tí ìdajì píkísẹ́lì wà lókè rẹ̀ tí ìdajì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo bí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí i tó, kí ẹ tún wá iye àárín àwọn jíjìnnà yẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.4826. Èsì rẹ̀ ni sígímà Gáúsì, ìwọ̀nba píkísẹ́lì tó ya wèrè kò sì ní lè gbé e kúrò níbi tó wà lọ títí. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tó bá kọjá sígímà mẹ́rin sí iye àárín, ẹ kà á sí òjijì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé Gáúsì ni òkìtì tí mo rí, kì í ṣe dọ́gbadọ́gba?

Ojú lásán ń ṣe é nígbà tí píkísẹ́lì bá pọ̀. Bí kò bá dá yín lójú, nọ́ńbà `k` tó wà ní ìparí ìwé àṣẹ yẹn ló wà fún un. Ó ń wọn bí ìrù hisitogíráàmù ṣe wúwo tó. Fún Gáúsì, ó máa ń súnmọ́ 3. Fún dọ́gbadọ́gba, 1.8. Lára 1925 píkísẹ́lì, ó lè yà sí 2.8 tàbí 3.2 láìsí ìdí, ṣùgbọ́n kò ní já dé 1.8 bí Gáúsì bá ni. Bó bá lọ sókè dé 6 tàbí 10, ariwo òjijì kan ṣì fara pamọ́ síbẹ̀ tí ẹ kò tíì yọ kúrò.

Bó bá jẹ́ dọ́gbadọ́gba lóòótọ́, a ní láti wá a àti b. Ká sọ pé ìpíndọ́gba jẹ́ 120, fáríáńsì jẹ́ 48. Sígímà jẹ́ nǹkan bíi 6.93. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò 3, ìyẹn 1.732, ẹ ó rí 12. Nítorí náà a jẹ́ 120 − 12, tó jẹ́ 108, b sì jẹ́ 132. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò: b − a jẹ́ 24, 24² jẹ́ 576, 576/12 sì jẹ́ 48. Ẹ wá wo hisitogíráàmù bóyá etí tábìlì náà já wálẹ̀ ní itòsí 108 àti 132. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe dọ́gbadọ́gba.

Kí n sọ òtítọ́, ariwo dọ́gbadọ́gba kì í wọ́pọ̀ nínú kámẹ́rà. Ibi tí wọ́n ti máa ń dárúkọ rẹ̀ jù ni nígbà tí a bá dín ìpele àwọ̀ kù. Bí a bá sọ ìpele 256 di 16, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 16, àṣìṣe rẹ̀ sì ní fáríáńsì 16²/12, nǹkan bíi 21.3. Ìwé kún fún ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ lọ wá a lára ògiri. Lára ògiri tí ariwo rẹ̀ kéré gan-an, gbogbo píkísẹ́lì máa bọ́ sí ìpele kan náà, sígímà tí ẹ ó wọ̀n yóò sì jẹ́ 0. Àṣìṣe náà wà níbẹ̀, gbogbo ògiri ló sún kúrò ní ipò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ibi pẹrẹsẹ kò lè fi í hàn.

Ògiri mi ń mọ́lẹ̀ sí i láti òsì sí ọ̀tún. Ṣé mo ṣì lè lò ó?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe wà. Ká ní gílóòbù kan wà lápá ọ̀tún, tí ògiri náà fi lọ láti 80 dé 104 láàárín píkísẹ́lì 50. Ìgòkè yẹn nìkan ní fáríáńsì 24²/12, ìyẹn 48. Ó máa fara mọ́ 64 ti ariwo, yóò di 112, sígímà yóò sì di nǹkan bíi 10.6 dípò 8. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé hisitogíráàmù náà ṣì jọ òkìtì Gáúsì, kò sí ohun tó máa pariwo fún yín. Orí rẹ̀ kàn máa tẹ́ díẹ̀ ni, `k` á sì wọlẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ 3.

Bí mo ṣe ń mú un ni pé mo máa pín ègé náà sí méjì, òsì àti ọ̀tún, màá wọn ìpíndọ́gba wọn. Nínú àpẹẹrẹ yìí, òsì máa jẹ́ nǹkan bíi 86, ọ̀tún máa jẹ́ 98. Ògiri tó tẹ́jú lóòótọ́ kò ní fi méjìlá yà síra. Mo tún máa ń ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Lára ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan kúrò lára èyí tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gòkè pẹ̀lẹ́ yẹn kò ní fi ju ìdajì ìpele kan lọ láàárín aládùúgbò méjì, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ariwo àwọn méjèèjì máa wà níbẹ̀ papọ̀, fáríáńsì ìyàtọ̀ náà á sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ariwo. Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ rántí yọ àwọn òjijì kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé píkísẹ́lì kan tó bàjẹ́ máa ba ìyàtọ̀ méjì jẹ́.

Oníbàárà fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé mo lè wọn ariwo rẹ̀?

Ẹ máa wọn nǹkan kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo kámẹ́rà mọ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, JPEG ni yóò sì dé ọ̀dọ̀ yín. JPEG máa ń gé àwòrán sí àwọn àpótí kéékèèké, píkísẹ́lì mẹ́jọ lóròó, mẹ́jọ níbùú, ó sì ń ju ìyípadà wẹ́wẹ́ inú wọn nù. Ìyípadà wẹ́wẹ́ gan-an sì ni ariwo Gáúsì. Sígímà tó jẹ́ 8 lè di 4 lójú ọ̀nà.

Ti òjijì tún yàtọ̀. Àmì funfun kan ṣoṣo á tú ká sára àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú àpótí náà, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní wà ní 255 mọ́. Ìṣirò `p == 255` máa sọ pé òfo ni, àwọn àmì náà á sì máa tàn lójú yín.

Ẹ gbé ògiri náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí àwọn àpótí onígun mẹ́rin tí ara wọn tẹ́jú, tí etí wọn hàn, ìfúnpọ̀ ti jẹ ariwo náà. Ẹ ní kí oníbàárà tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. Ọ̀pọ̀ fóònù sì tún máa ń fọ ariwo kúrò fúnra wọn kí wọ́n tó fi fọ́tò pamọ́, nítorí náà fáìlì tí wọn kò fọwọ́ kàn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní RAW, ló dára jù bí fóònù náà bá lè fún yín.

Ègé náà gbọ́dọ̀ tóbi tó báwo?

Fún sígímà Gáúsì, kò ní láti tóbi jù. Àṣìṣe tó wà nínú sígímà tí a wọ̀n jẹ́ nǹkan bíi sígímà tí a pín pẹ̀lú gbòǹgbò ìlọ́po méjì iye píkísẹ́lì. Lára ègé 10 lọ́nà 10, sígímà 8 lè yẹ̀ ní nǹkan bíi 0.57. Lára 2000 píkísẹ́lì, 0.13 péré ni. Mi ò ní tìtorí pé mo fẹ́ ju ìyẹn lọ kí n wá gé ègé ńlá tí òjìji ti bọ́ sí.

Ti òjijì ló ń fẹ́ ègé tó tóbi, torí pé ó ṣọ̀wọ́n. Bí ìdá funfun bá jẹ́ 0.0225, nínú 100 píkísẹ́lì ẹ ó rí méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kí ẹ má rí ẹyọ kan. Ẹ lè kó ègé kéékèèké mélòó kan pọ̀ láti ara ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìkàyè yìí, kódà bí àwọ̀ wọn kò dọ́gba, nítorí pé 0 ni 0 níbi gbogbo. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún sígímà.

Ẹ má sì ka gbogbo àwòrán láti wá ìdá òjijì. Nínú ṣọ́ọ̀bù léèsì yẹn, òkúta dídán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ ń tan ìmọ́lẹ̀ padà dé 255, abẹ́ tábìlì sì jẹ́ 0 nítorí pé òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ariwo.

Ṣé sígímà 8 yẹn ló wà ní gbogbo ibi nínú àwòrán náà?

Kò dájú. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wọlé sínú sẹ́ńsọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, fáríáńsì iye ẹyọ tó wọlé sì máa ń dọ́gba pẹ̀lú ìpíndọ́gba rẹ̀. Nítorí náà, nínú fáìlì RAW, ibi tó mọ́lẹ̀ ní ariwo ju ibi tó ṣókùnkùn lọ. Nínú àwòrán tí kámẹ́rà ti tún ṣe, ó ti gbé ibi òkùnkùn sókè kí ojú lè rí i, ìyẹn sì lè yí ètò náà padà.

Ẹ gé ibi pẹrẹsẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìmọ́lẹ̀ wọn yàtọ̀, kí ẹ kọ ìpíndọ́gba àti fáríáńsì wọn sílẹ̀. Bí fáríáńsì kò bá yí padà púpọ̀, nọ́ńbà kan tó fún gbogbo rẹ̀. Bó bá ń gòkè pẹ̀lú ìpíndọ́gba, ẹ fa ìlà kan gba àárín wọn, kí ẹ máa ka sígímà ibi kọ̀ọ̀kan láti ara ìlà náà.

Kámẹ́rà ìṣọ́ kì í mì. Ṣé n kò lè yọ àwòrán méjì tó tẹ̀ léra kúrò lára ara wọn?

Ọ̀nà tó dára ni, tó bá jẹ́ pé ẹnu wáyà ni ẹ ti gba méjèèjì. Ògiri, òjìji àti àbàwọ́n máa pòórá, ariwo nìkan ló máa kù, fáríáńsì rẹ̀ á sì jẹ́ ìlọ́po méjì bíi ti ìṣáájú. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ògiri náà tẹ́jú.

Ṣùgbọ́n láti ara fídíò tí ẹ̀rọ ti fún pọ̀ ní H.264, ó máa tàn yín. Níbi tí nǹkan kan kò bá ti mì, ẹ̀rọ náà kì í tún ògiri yà; ńṣe ló ń da ti àwòrán tó ṣáájú kọ. Ìyọkúrò yín á jẹ́ 0, ẹ ó sì rò pé kámẹ́rà náà kò ní ariwo kankan.

Mo ti ní nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Kí ni mo fi wọ́n ṣe?

Òjijì la kọ́kọ́ ń yọ, nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fi asẹ́ ìpíndọ́gba, 3 lọ́nà 3, bẹ̀rẹ̀, àmì funfun kan tó wà láàárín àwọn 92 máa di (8 × 92 + 255)/9, nǹkan bíi 110, ó sì máa ràn mọ́ píkísẹ́lì mẹ́sàn-án. Àmì kan tó ṣeé yọ ti di àbàwọ́n kan tí kò ṣeé dá mọ̀ mọ́.

Asẹ́ iye àárín ni ti òjijì. Pẹ̀lú ìdá tó kéré bíi 0.015 àti 0.0225, 3 lọ́nà 3 tó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí n má fi kan gbogbo àwòrán: píkísẹ́lì tó bá jẹ́ 0 tàbí 255 nìkan ni mo ń fi iye àárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ rọ́pò, kí ìyókù lè wà bí kámẹ́rà ṣe rí wọn. Àwọn òkúta ara léèsì máa pàdánù dídán wọn díẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ pé ọjà tí wọ́n jí gan-an ni a ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti Gáúsì. Asẹ́ ìpíndọ́gba 3 lọ́nà 3 máa sọ sígímà 8 di nǹkan bíi 2.7, ti iye àárín á sì sọ ọ́ di nǹkan bíi 3.3, bí ariwo píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá dá dúró. Ṣùgbọ́n méjèèjì ń pa etí nǹkan rẹ́. Fún ojú èèyàn, mo máa ń lo `cv2.fastNlMeansDenoising`, màá sì bẹ̀rẹ̀ `h` rẹ̀, tó ń sọ bí asẹ́ náà ṣe lágbára tó, láti ibi sígímà tí mo wọ̀n, ìyẹn 8, kí n tó máa gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ yọ àwòrán tuntun kúrò lára ti àtijọ́, kí ẹ wo ohun tí asẹ́ náà kó lọ. Lára ògiri, ó yẹ kó ní ìpíndọ́gba tó súnmọ́ 0 àti sígímà tó súnmọ́ 8. Bí ẹ bá rí ìlà etí aṣọ tàbí ìrísí ojú nínú rẹ̀, asẹ́ ti gbé ju ariwo lọ. Ẹ dín `h` kù.